Bí a ṣe ń tún bọ́tìnnì ọ̀rọ̀, ìlóṣòó àti eré sísá tò nínú Half-Life 2: Deathmatch

Ọ̀nà méjì ni bọ́tìnnì ń gbà ṣiṣẹ́ nínú géèmù ìbọn. Èkíní ni ìdìmú: ìgbà tí ìka rẹ bá wà lórí bọ́tìnnì nìkan ni nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀, bí ìka bá ti kúrò, ó parí. Èkejì ni ìtẹ̀kan: o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀, o tún un tẹ̀, ó dáwọ́ dúró, bíi súìṣì iná ara ògiri. Half-Life 2: Deathmatch, tí Valve gbé jáde ní 2004, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára, ìdìmú ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀ látilẹ̀ wá. Wàá di Ctrl mú kí o tó lè lóṣòó, wàá di Shift mú kí o tó lè sáré, wàá sì di bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ mú kí ẹgbẹ́ rẹ tó gbọ́ ohùn rẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì kan ṣoṣo ló ń ru Ctrl àti Shift pọ̀. Ẹni tó bá lóṣòó sẹ́yìn àpótí fún ìṣẹ́jú méjì, ìka yẹn á ti le gan-an kí ọ̀tá tó yọjú. Ìtẹ̀kan ló ń gbà á lọ́wọ́ ìyà yìí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo bọ́tìnnì ló yẹ kí a sọ di ìtẹ̀kan láìro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa nìyí: ìlóṣòó, fi ìtẹ̀kan sí i, kí o sì fi ìdìmú sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eré sísá, ìtẹ̀kan dára, bí o bá so ó mọ́ bọ́tìnnì W gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe fi hàn nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ, fi í sí ìdìmú, àfi tí ọwọ́ bá ń dùn ọ́.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Inú kọ́ńsólù, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ sí géèmù, la ti máa ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àṣẹ tí a nílò ti ń ṣiṣẹ́. Ṣí géèmù, lọ sí Options, tẹ Keyboard, tẹ Advanced, kí o sì fi àmì sí Enable developer console. Lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ Esc, tí wọ́n kọ ~ sí, ni yóò máa ṣí kọ́ńsólù náà.

Má ṣe dánra wò nínú sáfà tí àwọn èèyàn wà. Ṣí ti ara rẹ, kí o dá wà níbẹ̀, kí ìbọn ẹnikẹ́ni má bàa dá ọ dúró nígbà tí o ń wo bí bọ́tìnnì ṣe ń ṣe:

```
map dm_lockdown
```

Kí o tó gba bọ́tìnnì kan fún iṣẹ́ tuntun, bi géèmù léèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Bí o bá kọ bind àti orúkọ bọ́tìnnì náà láìfi nǹkan kan sí i lẹ́yìn, kọ́ńsólù á sọ ohun tó wà lórí rẹ̀ fún ọ:

```
bind shift
bind ctrl
bind c
bind k
```

Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí ìwé. Bí iṣẹ́ kan bá wà lórí C tàbí K tí o sì ń lò ó, yan lẹ́tà mìíràn ní gbogbo ibi tí a bá ti kọ méjèèjì nísàlẹ̀.

Ìlóṣòó

Èyí ló rọrùn jù, nítorí géèmù fúnra rẹ̀ ní àṣẹ ìtẹ̀kan fún un. Orúkọ àṣẹ ìdìmú ni +duck, ti ìtẹ̀kan sì ni toggle_duck:

```
bind ctrl +duck
bind c toggle_duck
```

Tẹ̀ C lẹ́ẹ̀kan, ojú ìwòye rẹ á lọ sílẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Tún un tẹ̀, o dìde. Di Ctrl mú, o lóṣòó. Fi sílẹ̀, o dìde. A fẹ́ kí méjèèjì wà pọ̀ nítorí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ìlóṣòó kúkúrú, irú èyí tí o fi ń yẹ ọta tàbí tí o fi ń ká ẹsẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ láti bọ́ sínú fèrèsé, Ctrl ló yẹ ẹ́, torí pé ara ń dìde fúnra rẹ̀ bí ìka bá ti kúrò. Ìlóṣòó pípẹ́, níbi tí o ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, C ló ni ín.

Ohun kan wà tó ń da àwọn èèyàn lójú rú níbí. Inú géèmù, àpótí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àṣẹ méjèèjì ń lò, géèmù á sì ní o lóṣòó bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì wà ní títẹ̀. Nítorí náà, bí C bá ti mú ọ lóṣòó, kò sí bí o ṣe lè tẹ Ctrl tó tí yóò gbé ọ dìde. Bí o bá rí i pé o ń rìn bí ìgbín, tí Ctrl kò sì yí nǹkan kan padà, C ló ṣì wà ní títẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Eré sísá

Níbí ni a ó ti fẹsẹ̀ lélẹ̀ díẹ̀, nítorí pé eré sísá nínú géèmù yìí ní owó tó ń ná. Agbára kan wà tí aṣọ òṣèré ń lò, AUX POWER ni wọ́n kọ sójú gọgọrọ rẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ó ń kún dé 100. Ìrìn lásán ń gbé ọ lọ ní ìwọ̀n 190, eré sì ń gbé ọ dé 320, ṣùgbọ́n bí agbára bá kún, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4 péré ni eré fi ń jẹ ẹ́ tán. Bí o bá dáwọ́ eré dúró, ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá á kọ́kọ́ kọjá, lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà, ó sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8 kí ó tó kún látinú òfìfo. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 10, géèmù kò ní jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ eré rárá. Ohùn ìkọ̀ kékeré kan lo máa gbọ́.

Kò sí àṣẹ ìtẹ̀kan tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún +speed, nítorí náà a ó fi alias kọ ọ́ fúnra wa. alias máa ń sọ orúkọ kan tí ìwọ fúnra rẹ yàn di àṣẹ. Má ṣe fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sínú orúkọ náà; lẹ́tà gbalasa ni kí o lò:

```
alias sare_bere "+speed; alias sare sare_pari"
alias sare_pari "-speed; alias sare sare_bere"
alias sare sare_bere
bind shift sare
```

Ka ìlà kìíní dáadáa kí ó yé ọ. Bí o bá tẹ Shift, sare á ṣe iṣẹ́ sare_bere: ó tẹ +speed mọ́lẹ̀, ó sì yí ìtumọ̀ sare padà sí sare_pari. Ìgbà kejì tí o bá tẹ Shift, sare_pari ló máa ṣiṣẹ́: ó tú +speed sílẹ̀, ó sì dá ìtumọ̀ sare padà sí ti àkọ́kọ́. Bí orúkọ náà ṣe ń yí padà yìí ló sọ bọ́tìnnì ìdìmú di ìtẹ̀kan.

Bí a bá fi í mọ báyìí, yóò ṣiṣẹ́, àmọ́ yóò máa dà ọ́ láàmú. Jẹ́ ká tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀. O tẹ Shift, o sáré kọjá gbàgede, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 4 agbára tán, géèmù dá eré rẹ dúró. Géèmù ló dá a dúró, kì í ṣe ìwọ: lójú kọ̀ǹpútà rẹ, +speed ṣì wà ní títẹ̀. Agbára kún padà, o fẹ́ sáré, o tẹ Shift. Kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé títú sílẹ̀ ni títẹ̀ yẹn jẹ́. O ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ géèmù mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: wọ́n fẹ́ kí ìka kúrò lórí bọ́tìnnì kí ó sì padà wá, kí ẹnikẹ́ni má bàa di Shift mú títí láé kí ó máa fi agbára kéékèèké tó ń wọlé sáré díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tó ń lo ìdìmú, òfin yìí kò ni ín lára. Fún ẹni tó ń lo ìtẹ̀kan, òun ló ń jẹ́ kí Shift rẹ dà bí ẹni pé ó bàjẹ́.

Irú rẹ̀ kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí o bá tẹ Shift nígbà tí o lóṣòó. Ẹni tó lóṣòó kò lè bẹ̀rẹ̀ eré, nítorí náà o kò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n sare ti yí padà sí sare_pari lábẹ́lẹ̀. O dìde, o tẹ Shift, o kàn ń rìn ni.

Àléébù kẹta fara pamọ́ jù, òun sì ló ń pa èèyàn. Bí o bá fi eré sílẹ̀ ní títẹ̀ tí o sì dúró sójú kan, agbára kò ní dín kù mọ́, àmọ́ kò ní kún pẹ̀lú, nítorí pé géèmù kì í bẹ̀rẹ̀ sí í dá agbára padà níwọ̀n ìgbà tí ohun kan bá ṣì ń lò ó. Àwa tó dúró rò pé a ń sinmi; aṣọ kò sinmi. Wo gọgọrọ náà ní kíkún: bí ọ̀rọ̀ náà SPRINT bá ṣì wà lábẹ́ AUX POWER nígbà tí o dúró gbọnin, bọ́tìnnì rẹ ṣì wà ní títẹ̀, gọgọrọ yẹn kò sì ní kún bí o tilẹ̀ dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Oògùn gbogbo rẹ̀ ni kí a so òpin eré mọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe láìròtẹ́lẹ̀. Nígbàkúùgbà tí o bá fẹ́ dúró, ìka rẹ máa ń kúrò lórí W. Ẹ jẹ́ ká fi ìkúrò yẹn pa eré:

```
alias +iwaju "+forward"
alias -iwaju "-forward; sare_pari"
bind w +iwaju
bind c "sare_pari; toggle_duck"
```

Bí orúkọ alias bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì +, géèmù á ṣe é nígbà tí o bá tẹ bọ́tìnnì, á sì wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì - ṣe nígbà tí o bá fi í sílẹ̀. Báyìí, bí W bá ti kúrò, sare_pari á ṣiṣẹ́, +speed á tú sílẹ̀, agbára á bẹ̀rẹ̀ sí í kún, sare á sì padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀. Kò séwu bí sare_pari bá ṣiṣẹ́ nígbà tí o kò sáré rárá. Ìlà tó kẹ́yìn ń rí i dájú pé kí C tó mú ọ lóṣòó, eré ti parí.

Dán an wò báyìí: tẹ W, tẹ Shift, sáré títí AUX POWER á fi tán. Fi W sílẹ̀, ka ení, èjì, ẹ̀ta jẹ́ẹ́, tún di W mú, tẹ Shift lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbọ́dọ̀ sáré. Bí ó bá ní kí o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì, lọ wo -iwaju. Ó dájú pé o gbàgbé sare_pari níbẹ̀, tàbí pé ìyàtọ̀ lẹ́tà kan wà nínú orúkọ méjèèjì.

Ó ní ohun tí a fi san án. Ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa fi A tàbí D sáré sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìtẹ W, eré rẹ̀ á máa já lójijì bí W bá ti kúrò, á sì ní láti tún Shift tẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìdìmú ló dára fún un. Kí ó fi +speed sílẹ̀ lórí Shift bí ó ṣe wà.

Ohun mìíràn, Windows ni ó kan. Bí o bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, Windows á gbé ìbéèrè Sticky Keys wá sójú, á sì yọ ọ́ kúrò nínú géèmù. Ẹni tó ń dìmú kì í sábà dé márùn-ún. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á débẹ̀ láàárín ìjà kan. Nínú Windows 11, lọ sí Settings, Accessibility, Keyboard, wá Sticky keys, kí o sì pa ọ̀nà àbùjá rẹ̀ kí ìbéèrè náà má yọjú mọ́.

Bọ́tìnnì ọ̀rọ̀

Ìdìmú ni kí o kọ́kọ́ tò, kí o sì rí i pé ohùn ń jáde, kí o tó ro ìtẹ̀kan rárá:

```
voice_enable 1
bind k +voicerecord
voice_loopback 1
```

Ìlà kẹta ń dá ohùn rẹ padà sí ọ létí, kí o lè gbọ́ ohun tí àwọn yòókù máa gbọ́. Di K mú, ka ení dé ẹ̀ẹ́wàá, fi í sílẹ̀. Gbọ́ bóyá ení já. Bí ó bá já, o ń sọ̀rọ̀ kí ìka tó dé orí K ni; kọ́ ọwọ́ rẹ láti tẹ̀ ẹ́ ṣáájú ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bí o bá parí ìdánwò, dá a padà sí voice_loopback 0, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn ara rẹ á máa bo ìró ẹsẹ̀ ọ̀tá mọ́lẹ̀.

Bí ohùn kò bá jáde, wo àmì ọ̀rọ̀ tó máa ń yọ lójú géèmù nígbà tí o bá di K mú. Bí kò bá yọ rárá, bọ́tìnnì tàbí voice_enable ló ní àléébù. Bí ó bá yọ tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́, máìkì ni: Windows tàbí Steam mú máìkì mìíràn, bóyá ti ara láptọ́ọ̀pù dípò ti fóònù orí rẹ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tó wà nínú ẹgbẹ́ bá gbọ́ tí ọ̀tá kò gbọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó ni sáfà ló pinnu bẹ́ẹ̀. Kí o sì mọ̀ pé ètò push-to-talk tó wà nínú Settings ti Steam, abẹ́ Voice, ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Steam ni. Bí o bá yí i padà níbẹ̀, kò kan K rẹ nínú géèmù yìí.

Ẹni tí ọwọ́ ń dùn, tàbí tí ìka rẹ̀ kò lè dé K nígbà tó ń di W mú, lè sọ ọ̀rọ̀ di ìtẹ̀kan. Ewu rẹ̀ ni gbígbàgbé: máìkì á ṣí sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ìta àti ọ̀rọ̀ inú ilé á sì máa wọ etí gbogbo ẹgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní ṣe é láìfi ìró sí i:

```
alias soro_bere "+voicerecord; play buttons/blip1.wav; alias soro soro_pari"
alias soro_pari "-voicerecord; play buttons/button10.wav; alias soro soro_bere"
alias soro soro_bere
bind k soro
```

Ìró méjèèjì yàtọ̀ síra, etí tìrẹ nìkan ni géèmù sì ń dún wọn sí. Lo fóònù orí nígbà tí o bá ń lo ọ̀nà yìí. Bí sípíkà bá ń dún nínú yàrá, máìkì tó ṣí sílẹ̀ á kó gbogbo ìbọn padà sí etí ẹgbẹ́ rẹ.

Kí ó má bàa parẹ́ lọ́la

Àléébù tó wọ́pọ̀ jù nìyí: gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ lónìí, o pa géèmù, o ṣí i lọ́la, Shift kò ṣe nǹkan kan mọ́, kọ́ńsólù sì kọ Unknown command níwájú sare. Ìdí rẹ̀ ni pé géèmù máa ń fi bind pamọ́ sínú config.cfg, ṣùgbọ́n kì í fi alias pamọ́. Bọ́tìnnì rántí orúkọ, àmọ́ orúkọ kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ṣí Notepad, kọ gbogbo ìlà alias àti bind tí o yàn sínú rẹ̀ bí a ṣe kọ wọ́n lókè, kí o sì fi í pamọ́ pẹ̀lú orúkọ autoexec.cfg sínú fódà yìí, lábẹ́ ibi tí Steam wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ:

```
steamapps\common\Half-Life 2 Deathmatch\hl2mp\cfg
```

Nígbà tí Notepad bá ń fi í pamọ́, yan All files níbi Save as type, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ autoexec.cfg.txt ló máa ṣe, géèmù kò sì ní rí i. Windows máa ń fi .txt yẹn pa mọ́, orúkọ á sì dà bí èyí tó tọ́ lójú rẹ. Má ṣe lo Word rárá: àmì àyọlò tó tẹ̀ tó máa ń fi sí i kì í ṣe èyí tí géèmù mọ̀, alias kò sì ní ṣiṣẹ́. Padà sínú géèmù, kí o sì pè é:

```
exec autoexec
```

Bí kọ́ńsólù bá ní òun kò rí fáìlì náà, orúkọ tàbí fódà ló ṣì. Bí kò bá sọ nǹkan kan, kọ alias ní òun nìkan, gbogbo orúkọ tí o ṣe á tò sójú. Rí i pé sare, sare_bere àti sare_pari wà níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, géèmù fúnra rẹ̀ á máa ka fáìlì náà nígbàkúùgbà tó bá ń ṣí.

Bí o bá fẹ́ padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, pa fáìlì autoexec.cfg rẹ́ ná, lẹ́yìn náà kí o tẹ Use Defaults nínú Options, abẹ́ Keyboard. Bí o bá tẹ Use Defaults nìkan, autoexec.cfg á tún dá ìtò rẹ padà nígbà tí o bá tún géèmù ṣí.